Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa lọ: kí ni àrokò orí díìsìkì dáàbò bò, kí ni kò dáàbò bò?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé àpò mi lọ nínú ọkọ̀ èrò ní Ìwó Róòdù, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a fi ń ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, Windows 11 Pro ni ó wà lórí rẹ̀, ọdún tó kọjá ni a rà á. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn, nọ́ńbà àkáǹtì bánkì wọn àti BVN wọn wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ ni mo kàn pa dé, n kò pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Mo rántí pé mo máa ń rí àwòrán àgádágodo kékeré lára díìsìkì C. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ẹni tó gbé e lọ lè ka fáìlì wa?

Ọmọ Ìkẹjà

Ẹ kú ewu o, ma. Ẹ má fòyà. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tí olè náà lè rí. Owó ni ó ń wá. Yóò gbé e fún ẹni tí yóò nu gbogbo nǹkan kúrò, tí yóò fi Windows tuntun sí i, wọn yóò sì tà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Bàbá Ọ̀ffà

Ẹ wọ inú àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rọ tó sọnù. Yóò fi ibi tí ẹ̀rọ náà wà hàn yín lórí máàpù, ẹ lè mú ọlọ́pàá lọ síbẹ̀. Àbúrò mi rí fóònù rẹ̀ gbà padà lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àgbà Ẹ̀rọ

Bàbá Ọ̀ffà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe bí wọn yóò ṣe rí i gbà. Kọ̀ǹpútà tí kò bá sì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè fi ibi tó wà ránṣẹ́.

Ọmọ Ìkẹjà, apá kan òtítọ́ ni ẹ sọ. Lóòótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ olè kò bìkítà fún fáìlì, àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà Windows nìkan kò dáàbò bo ohunkóhun tí a kọ sórí díìsìkì. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Ẹni tó bá tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, tó yọ díìsìkì, tó sì fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò ka gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Iṣẹ́ tí kò gba ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni, gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dí ọ̀nà yẹn ni kí a sọ gbogbo díìsìkì di àrokò tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìsí kọ́kọ́rọ́, èyí tí Windows ń pè ní BitLocker. Bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ tó ń tú àrokò náà wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ṣíìpù TPM tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ṣíìpù yẹn kì í yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ àfi bí ó bá rí i pé ẹ̀rọ náà gbéra bí ó ṣe máa ń gbéra, pé kò sí ẹni tó yí ètò ìgbéra rẹ̀ padà. Tí wọ́n bá yọ díìsìkì lọ sára ẹ̀rọ mìíràn, ṣíìpù kò sí níbẹ̀, ohun tí wọn yóò rí kò ní ìtumọ̀ kankan.

Àkọ̀wé wa, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, ẹ fara balẹ̀ rántí dáadáa: ṣé àgádágodo nìkan ni ẹ máa ń rí, àbí igun mẹ́ta aláwọ̀ òféèfèé tó ní àmì ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ṣé gan-an, sà. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó dà bíi pé mo rí àmì bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?

Àgbà Ẹ̀rọ

Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ jẹ. Bí wọ́n bá fi Windows sórí ẹ̀rọ tó ní TPM, ó lè sọ díìsìkì di àrokò fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí alábòójútó ẹ̀rọ náà bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà sì ti dé inú àkáǹtì yẹn, Windows máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí díìsìkì kan náà ní gbangba, kí onílé má baà há síta. Ó dà bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn, tí a wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára àgádágodo. Àmì ìkìlọ̀ yẹn ni ó ń sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ lè mọ̀ ní kíákíá bí ó bá ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, tó sì tẹ èyí:

```
manage-bde -status C:
```

Bí ohun tó jáde bá dà báyìí, kò sí ààbò kankan, bí ó tilẹ̀ kọ ìdá ọgọ́rùn-ún síbẹ̀:

```
Conversion Status:    Used Space Only Encrypted
Percentage Encrypted: 100.0%
Protection Status:    Protection Off
Key Protectors:       None Found
```

Ìlà kẹta ni kí ẹ máa wò. `Protection On` ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ yín tó ti lọ, ọ̀nà kan ṣì wà láti wádìí. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn wọ `account.microsoft.com/devices/recoverykey`. Bí ẹ bá rí orúkọ kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ OSV sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹn kúrò ní ọjọ́ náà.

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nítorí ó jọ èyí. Ẹ̀rọ tèmi kò sọnù. Ọwọ́ mi ni ó wà, síbẹ̀ n kò lè wọ inú rẹ̀. Mo ṣe àtúnṣe BIOS, ìyẹn ètò tó ń mú ẹ̀rọ gbéra, tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní kí n ṣe, nígbà tó sì padà tàn, ojú aláwọ̀ búlúù ni mo bá, ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker tó ní nọ́ńbà 48. Àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, wọ́n sì ti pa àkáǹtì yẹn rẹ́. Ọmọkùnrin kan sọ pé òun lè já a fún mi bí mo bá san owó. Ṣé òótọ́ ni?

Àgbà Ẹ̀rọ

Ẹ má san owó yẹn, ma. Nọ́ńbà 48 náà pín sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, iye ohun tó sì lè jẹ́ pọ̀ débi pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò tán. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí sábà máa ń ṣe ni pé wọn yóò nu díìsìkì mọ́, wọn yóò fi Windows tuntun sí i, wọn yóò sì ní àwọn ti “já a”. Fáìlì yín yóò sì ti lọ.

Bí BIOS bá ti yí padà, TPM kò dá ìgbéra ẹ̀rọ náà mọ̀ mọ́, nítorí náà kò yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tún BIOS ṣe lè dá ààbò náà dúró fún ìgbéra ẹyọ kan, yóò sì padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú PowerShell tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ni a ti ń tẹ èyí:

```
Suspend-BitLocker -MountPoint "C:" -RebootCount 1
```

Ojú búlúù yẹn máa ń fi àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ hàn. Ẹ kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn sọ̀rọ̀, nítorí ilé iṣẹ́ lè ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ àwọn ẹ̀rọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, lọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ń lò ó. N kò lè ṣèlérí.

Bí ẹ bá sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rí, tí ẹ̀rọ ń kọ̀ ọ́, ẹ yẹ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni a lè fi 11 pín láìṣẹ́ kù. Bí àpẹẹrẹ, 135795 pín sí 12345 gẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀wọ́ tó péye. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì kọ ọ́ ní 135195, yóò ṣẹ́ kù, ẹ ó sì mọ ọ̀wọ́ tí àṣìṣe wà.

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi yóò pè wọ́n lọ́la. N kò mọ̀ pé a lè yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú àkáǹtì tèmi, ọkàn mi sì pami. Ni mo bá rántí pé ẹni tó tà á fún wa ló kọ́kọ́ tò ó, àti pé ímeèlì tirẹ̀ ni ó fi wọlé kí ó tó ṣí àyè fún mi. Mo pè é. Ó wo àkáǹtì rẹ̀, ó sì rí orúkọ kọ̀ǹpútà wa níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, OSV ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí a rà á ni ó sì wọlé. Ṣé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, àbí ti ìbànújẹ́?

Àgbà Ẹ̀rọ

Ní ti olè tó gbé e lọ, ìròyìn rere ni. Ó fi hàn pé ààbò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò pa á lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fi ọwọ́ ara yín pa á, tí ẹ kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni tún ṣe, mo gbà pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Pípa tí ẹ pa ìdérí dé láìpa ẹ̀rọ túmọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà nínú ìrántí ẹ̀rọ ní àkókò tí wọ́n gbé e. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Princeton fi hàn ní ọdún 2008 pé a lè fi òtútù di ìrántí ẹ̀rọ mú kí a sì ka kọ́kọ́rọ́ jáde. Kì í ṣe iṣẹ́ ajápò-gbà inú ọkọ̀ èrò, bí bátìrì bá sì ti tán, ọ̀nà yẹn ti dí. Ohun tó kù fún un ni kí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ, tàbí tó jẹ́ 123456, TPM yóò tú díìsìkì fún un bí ó ṣe ń tú u fún yín.

Ní ti ẹni tó tà á fún yín, kọ́kọ́rọ́ yín ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á láìmọ̀. Kọ́kọ́rọ́ láìsí ẹ̀rọ kò wúlò fún un, ẹ má sì ní kí ó pa á rẹ́ báyìí, nítorí a lè nílò rẹ̀ bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí lè pàrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà náà láìsọ díìsìkì di àrokò lẹ́ẹ̀kan sí i:

```
manage-bde -protectors -delete C: -type RecoveryPassword
manage-bde -protectors -add C: -RecoveryPassword
```

Yóò fi nọ́ńbà tuntun hàn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì fi pamọ́ sí ibi tí àpò kọ̀ǹpútà kì í dé.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà mi gùn, n kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ohun kan ló kù tí n kò rò pé ó ṣe pàtàkì tẹ́lẹ̀: fíláàṣì kan wà nínú àpò náà. Mo ti fi gbé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, àmọ́ mo pa fáìlì náà rẹ́ nígbà tí mo parí. Fíláàṣì òfìfo ni.

Àgbà Ẹ̀rọ

Ma, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. BitLocker orí díìsìkì C kò tẹ̀ lé fáìlì lọ síbikíbi. Bí ẹ ṣe daakọ rẹ̀ sórí fíláàṣì, ó ti di fáìlì lásán tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí fíláàṣì, ẹ̀rọ kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìlì náà. Àmì kan ni ó máa ń fi sí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ pé kò sí mọ́, yóò sì ka àyè tó wà sí òfìfo títí fáìlì mìíràn yóò fi dé orí rẹ̀. Ẹ̀yin kò fi ohunkóhun mìíràn síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Sọfúwià ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec, kì í tilẹ̀ wo orúkọ fáìlì rárá. Gbogbo fíláàṣì ni ó máa ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń wá ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí fáìlì Excel ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì yọ ọ́ jáde. Ọmọ ilé ìwé gíga lè ṣe é. Ẹ ka fáìlì yẹn sí ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé àpò náà.

Ọmọ Ìkẹjà

Mo gba ohun tí Àgbà sọ nípa ọ̀rọ̀ aṣínà. Ṣùgbọ́n lórí pípa nǹkan rẹ́, mo ti kà á pé ìgbà 35 ni a gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mìíràn bò ó kí ó tó lọ pátápátá. Sọfúwià tí mo ń lò fún àwọn oníbàárà ní àyè fún un.

Àjíkẹ́ ní Peckham

Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn: ilé iṣẹ́ tí mo wà ní London ń gba kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì tó ti lò ó tán, a sì ń nù wọ́n kí wọ́n tó di ohun títà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń dé Ìkẹjà. Ìgbà 35 yẹn wá láti inú ìwé tí Peter Gutmann kọ ní ọdún 1996, fún oríṣiríṣi díìsìkì ìgbà náà. Lórí díìsìkì ìsinsìnyí tó ń yí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá kọ òdo sí gbogbo rẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò ní Quick Format nínú Windows, ohun tó máa ṣe nìyẹn.

Lórí SSD, ìyẹn díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí, àti fíláàṣì ni ìṣòro wà, ìgbà 35 kò sì ràn án lọ́wọ́. Irú wọn máa ń gbé ohun tí a kọ láti àyè kan sí òmíràn kí ibì kan má baà tètè gbó, wọ́n sì ní àyè àfipamọ́ tí Windows kò lè dé. Ẹ lè rò pé ẹ ń kọ nǹkan lé fáìlì àtijọ́ lórí, kí ó jẹ́ pé ibòmíràn ni ó ń lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní San Diego dán an wò ní ọdún 2011, wọ́n sì rí i pé pípa fáìlì kọ̀ọ̀kan rẹ́ nípa kíkọ nǹkan bò ó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lórí SSD.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn díìsìkì tí wọ́n ti sọ di àrokò kí dátà tó dé orí rẹ̀. Bí a bá pa kọ́kọ́rọ́ run, gbogbo ohun tó kù, títí kan ti àyè àfipamọ́, ti di ohun tí kò ṣeé kà. Ó ṣe pàtàkì pé kí àrokò ti wà ṣáájú dátà. Ẹ wo `Used Space Only` tí Àgbà kọ lókè: àyè tí fáìlì wà nìkan ni ó sọ di àrokò. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ bá pa fáìlì rẹ́ lásán, àwọn fáìlì wọ̀nyẹn lè ṣì wà ní gbangba ní àyè tó dà bí òfìfo. Àṣẹ kan wà fún ìyẹn:

```
manage-bde -wipefreespace C:
```

Ó máa ń pẹ́, ẹ so iná mọ́ ọn.

Bàbá Ọ̀ffà

Fóònù ńkọ́? Ti Android ni mo ń lò, mo sì fẹ́ fi fún ọmọ mi.

Àjíkẹ́ ní Peckham

Sà, àwọn Android tó jáde pẹ̀lú ìpele 10 sókè ti jẹ́ alárokò láti ilé iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá dá a padà sí bí ó ṣe wà ní tuntun láti inú Settings, kọ́kọ́rọ́ ni ó ń pa run, ó sì tó. Ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google yín kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ yọ káàdì ìrántí àti síìmù pẹ̀lú, nítorí káàdì tí a fi ń kó fọ́tò lásán kì í sábà sí nínú àrokò yẹn.

Ọmọ Ìkẹjà

Ó dáa, n óò yí bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn oníbàárà padà. Síbẹ̀, nínú fíláàṣì, kí ni ká máa ṣe? Ẹni tó ń tẹ ìwé kò ní gbà kí a fi ẹ̀rọ wa so mọ́ tirẹ̀.

Àgbà Ẹ̀rọ

Windows Pro lè sọ fíláàṣì fúnra rẹ̀ di àrokò, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ̀wé, kọ̀ǹpútà tó ní Windows Home náà sì lè ṣí i. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ṣí i lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ẹ̀rọ yẹn lè daakọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi a máa yọ BVN kúrò nínú ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí yóò fi wà lórí bébà ìpàdé.

Àkọ̀wé wa, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ẹni tó ń kó dátà àwọn ènìyàn jọ ní wákàtí 72, láti ìgbà tó ti mọ̀, kí ó fi tó àjọ tó ń rí sí i létí, bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá lè kó àwọn ènìyàn náà sínú ewu. Ká ní kọ̀ǹpútà nìkan ló lọ, a lè jiyàn bóyá ó pọn dandan. Nítorí fíláàṣì, n kò rò pé ẹ lè jiyàn rẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì

Ṣé òfin yẹn kan ẹgbẹ́ kékeré báyìí? Ó dà bí ohun tí wọ́n ṣe fún bánkì.

Àgbà Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìyẹn, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Ní tèmi, ẹgbẹ́ tó gba BVN lọ́wọ́ ènìyàn ti gba ojúṣe rẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e, òní sì ni Ọjọ́bọ̀, nítorí náà àyè ṣì wà. Mo ti pe alága. A óò kọ̀wé sí àjọ náà ní àárọ̀ ọ̀la, a óò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lálẹ́ òní pé kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá pè wọ́n ní orúkọ bánkì, bí ó tilẹ̀ mọ BVN wọn. Ẹ bá mi wo èyí: ẹ̀dà fáìlì náà ti ọdún tó kọjá ṣì wà nínú ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí akápò. Ṣé kí n pa òun náà rẹ́?

Àgbà Ẹ̀rọ

Ẹ má tíì pa á rẹ́. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó lọ yìí, ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù fún yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ti fi `Protection On` hàn, ẹ ṣí i kí ẹ rí i pé ó pé, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti akápò wá pa á rẹ́ nínú àpótí ímeèlì àwọn méjèèjì, kí ẹ sì sọ àpótí ìdọ̀tí rẹ̀ dòfìfo.